Èrè Tó Pọ̀ Sí i, Àyè Tó Dín Kù

Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìwé ìṣirò kan ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí ìkẹ́rù ló fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò máa gé páálí, tí yóò sì máa lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lè yé gbé iṣẹ́ náà fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Mo yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò, n kò rí àṣìṣe. Èrè oṣooṣù yóò kúrò ní 100,000, yóò di 120,000. Síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀, n kò sì tètè mọ ohun tó fà á.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ilé iṣẹ́ náà ń ta páálí 10,000 lóṣù, 100 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. (Owó ilẹ̀ yòówù kí ẹ fi rò ó, ìṣirò náà kò ní yí padà.) Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí, páálí kan ń gba 75: owó ìwé rẹ̀, owó gọ́ọ̀mù, àti owó agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ń san lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, 150,000 ń jáde lóṣooṣù fún owó ilé àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ì báà tà, ì báà má tà. Bí ẹ̀rọ bá dé, páálí kan yóò máa gba 40 péré. Ṣùgbọ́n owó tí kì í wo ojú ọjà kó tó jáde yóò fò sókè di 480,000, nítorí owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, owó àwọn tí yóò máa lò ó àti owó àwọn tí yóò máa tún un ṣe.

Irú owó àkọ́kọ́ ni n óò máa pè ní ìnáwó tó ń bá ọjà rìn. Èkejì ni ìnáwó àdúró. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò ju pé ó ń sọ irú kan di èkejì lọ. Nígbà tí mo ń lọ́ra láti fèsì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, 20,000 lórí èrè lóṣooṣù kì í ṣe owó kékeré. Kí ló ń dá ọ dúró?”

## Páálí tó ń gbé èrè

Ohun tó là mí lójú ni ìgbà tí mo dẹ́kun wíwo àpapọ̀ owó, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, láti orí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà lóṣù dé orí èyí tí wọ́n tà gbẹ̀yìn. Mo wá bi ara mi pé: páálí wo gan-an ni èrè ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹ̀rọ ṣe é. Bí a bá yọ 40 kúrò nínú 100, 60 ló kù lórí páálí kan. 60 yìí kò tíì di èrè, nítorí 480,000 wà níwájú tó ń retí rẹ̀. Páálí 8,000 ni yóò kọ́kọ́ dá owó yẹn padà pátápátá. Èyí tó bá di ìkẹjọ ẹgbẹ̀rún ṣì wà lára àwọn tó ń san gbèsè oṣù. Láti orí páálí tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìyẹn ni pé gbogbo 120,000 tí inú wọn ń dùn sí, orí páálí 2,000 tó gbẹ̀yìn ló wà.

Ní ti ọ̀nà àtijọ́, 25 ló ń kù lórí páálí kan. Páálí 6,000 á san 150,000 tán, 4,000 tó kù á sì kó èrè wálé.

Ibi tí owó tó wọlé ti bá owó tó jáde dọ́gba, tí kò sí èrè, tí kò sì sí àdánù, ni mo ń pè ní ojú ọgbọọgba. Ìwọ̀n tí ọjà tí a ń tà fi ju ojú ọgbọọgba lọ ni àyè ààbò. Lábẹ́ ọ̀nà àtijọ́, àyè ààbò ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ 40% ọjà wọn. Bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ, ó di 20%. Èrè pọ̀ sí i, àyè ààbò sì dín sí ìdajì lọ́jọ́ kan náà.

Òṣùwọ̀n kejì ni àwọn oníṣirò fi máa ń mọ bí èrè yóò ṣe fò tàbí já tó bí ọjà bá yẹ̀ díẹ̀. Ìlọ́po èrè ni n óò pè é. Ohun tó kù lẹ́yìn ìnáwó tó ń bá ọjà rìn ni a ń fi èrè pín:

```
ìlọ́po èrè, pẹ̀lú ẹ̀rọ      = 600,000 ÷ 120,000 = 5
ìlọ́po èrè, láìsí ẹ̀rọ      = 250,000 ÷ 100,000 = 2.5
```

5 yìí ń sọ pé bí ọjà bá dín ní 1%, èrè yóò dín ní 5%. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa ni pé òṣùwọ̀n yìí dá dúró, àyè ààbò náà sì dá dúró, kálukú pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀ tí a óò há sórí. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo páálí tí a tò. Ká ní ọjà dín ní 10%, páálí 1,000 kò rí ẹni rà á. Kì í ṣe inú 10,000 ni èrè ti pàdánù 1,000 yẹn, inú 2,000 tó ń gbé èrè ni. Ìdajì àwọn tó ń kó èrè wálé ti lọ, nítorí náà ìdajì èrè lọ. 10% lára ọjà di 50% lára èrè. Kò sí ibòmíràn tí 5 ti wá: páálí kan nínú márùn-ún ló ń gbé èrè, ìdí nìyẹn tí èrè fi ń yẹ̀ ní ìlọ́po márùn-ún.

Ẹ fi àyè ààbò sọ ìlọ́po èrè di púpọ̀, ẹ óò rí 1. 20% lọ́nà 5 jẹ́ 1. 40% lọ́nà 2.5 jẹ́ 1. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí fún ilé iṣẹ́ yòówù tó ń jèrè, níwọ̀n ìgbà tí iye owó tí wọ́n ń ta ẹyọ kan àti ìnáwó lórí ẹyọ kan kò bá yí padà. Nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. Ọ̀kan ń sọ iye ọjà tí a lè pàdánù kí èrè tó tán. Èkejì ń sọ bí èrè náà yóò ṣe yára tán tó. Ìgbà tí mo rí èyí ni mo mọ ohun tó ń dààmú mi nínú ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Ìlà èrè nìkan ni wọ́n fi hàn mí, kò sí ìlà kankan tó sọ páálí mélòó ló ń gbé e.

## Páálí 9,429

Mo pè wọ́n padà, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yìí dára ju agbaṣẹ́ṣe lọ bí ẹ bá ta 10,000. Bí ẹ bá wá ta 9,000 ńkọ́?” Wọ́n ní ó dá àwọn lójú pé ẹ̀rọ ṣì máa borí, nítorí ìyàtọ̀ 35 lórí páálí kan kò kéré.

A jọ ṣe é lórí fóònù. Ní 9,000, ọ̀nà àtijọ́ mú 75,000 wálé, ẹ̀rọ mú 60,000. Ẹ̀rọ ti rẹ̀yìn. Bí a bá wá ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti bára mu, a óò pín 330,000 tí ẹ̀rọ fi kún ìnáwó àdúró sí ọ̀nà 35 tó ń bá wọn dín kù lórí páálí kan. Ó bọ́ sí nǹkan bíi páálí 9,429. Lókè ibẹ̀, ẹ̀rọ ló dára. Nísàlẹ̀ rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ló dára. Nǹkan bíi 6% péré sì ni ọjà tí wọ́n ń tà lónìí fi ju ibẹ̀ lọ.

Iye yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ìṣirò náà, òun sì ni wọn kì í sábà kọ sínú ìwé tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bá gbé wá. Ojú ọgbọọgba ń sọ ibi tí àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀. Iye yìí ń sọ ibi tí àbámọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì máa ń ṣáájú àdánù dé. Tí ọjà bá já sí 8,000, ẹ̀rọ kò mú kọ́bọ̀ wálé nígbà tí ọ̀nà àtijọ́ ṣì ń mú 50,000 wá. Tó bá já sí 7,000, ẹ̀rọ jẹ gbèsè 60,000, àtijọ́ sì jèrè 25,000.

Ẹ má jẹ́ ká fi apá kan pamọ́. Bí ọjà bá gòkè sí 11,000, ẹ̀rọ yóò mú 180,000 wálé, ọ̀nà àtijọ́ kò ní ju 125,000 lọ. Ìlọ́po kan náà tó ń já èrè lulẹ̀ ló ń gbé e sókè. Nítorí náà, ìbéèrè tó kù ni bí ọjà wọn ṣe ń lọ sókè sódò tó, òṣùwọ̀n méjèèjì tí a ń sọ kò sì mọ nǹkankan nípa ìyẹn. Ilé iṣẹ́ tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 5, tí ọjà rẹ̀ kì í yẹ̀ ju 2% lọ, yóò rí èrè rẹ̀ tó ń yẹ̀ ní 10%. Èyí tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 2.5, tí ọjà rẹ̀ ń yẹ̀ ní 20%, yóò rí èrè tó ń yẹ̀ ní 50%. Ewu wà níbi tí ìlọ́po ti pàdé ìyípadà ọjà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fojú rí i lọ́dún 2020. Ìnáwó àdúró wọn pọ̀ púpọ̀: owó ọkọ̀, owó àwọn awakọ̀, owó pápákọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbéra, iye tí ó ń ná kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ì báà kún, ì báà ṣófo. Lọ́dún yẹn, iye èrò kárí ayé dín ní nǹkan bíi 60%. Àyè ààbò ilé iṣẹ́ wo ló lè gba ìyẹn?

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé ọjà wọn àtẹ̀yìnwá. Oṣù tí wọn kò tà tó 9,000 kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àtòkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Àtinú ìwé ọjà ọdún tó kọjá ni a ti ń mọ ìlọ́po tí a lè gbà.

## Nọ́ńbà tí kì í dúró lójú kan

Ohun kan máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Wọ́n á gbọ́ pé ìlọ́po èrè ilé iṣẹ́ kan jẹ́ 5, wọ́n á sì gbà pé bó ṣe rí lára ilé iṣẹ́ náà nìyẹn títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí kan náà, bí ọjà bá wà ní 10,000, ìlọ́po jẹ́ 5. Bí ó bá já sí 9,000, ohun tó kù lẹ́yìn ìnáwó tó ń bá ọjà rìn jẹ́ 540,000, èrè jẹ́ 60,000, ìlọ́po ti di 9. Ní 8,100, ó ti di 81. Bẹ́ẹ̀ iye owó ẹ̀rọ kò yí padà, ẹnikẹ́ni kò sì fi kún ìnáwó. Ojú ọgbọọgba ni a ń sún mọ́.

Èyí ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé ìlọ́po ńlá túmọ̀ sí ìnáwó àdúró ńlá. Ẹ mú ọ̀nà àtijọ́, níbi tí ìnáwó àdúró ti kéré, kí ẹ jẹ́ kí ọjà já sí 6,500. Èrè yóò jẹ́ 12,500, ìlọ́po yóò sì jẹ́ 13. Ìlọ́po ńlá kò sọ ju pé ilé iṣẹ́ náà wà létí ojú ọgbọọgba. Ìdí tó fi wà níbẹ̀, ọjà tó já ni o, ìnáwó tó ga ni o, a gbọ́dọ̀ lọ wá a fúnra wa.

## Bí ó bá jẹ́ iye owó ló já

Títí di ibí yìí, ohun tí mo ń sọ ni kí páálí tí wọ́n ń tà dín kù. Ẹ jẹ́ ká wá wo oṣù tí páálí 10,000 náà tà pátá, ṣùgbọ́n tí oníbàárà ńlá kan ní òun kò ní san ju 90 lọ, tí àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Owó tó wọlé dín ní 10%, bíi ti ìgbà tí páálí 1,000 kò tà. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, owó ìwé àti gọ́ọ̀mù páálí 1,000 náà dín kù pẹ̀lú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìnáwó kankan tó dín. Gbogbo 100,000 náà ló jáde tààrà láti inú èrè, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, ì báà jẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Ó ku 20,000 fún ẹni tó ní ẹ̀rọ. Ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀nà àtijọ́, tó ní àyè ààbò 40%, kò ku nǹkankan fún un.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀ lọ. Àyè ààbò tí a fi iye ọjà wọ̀n kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iye owó tó ń já. Èyí tó ń ṣe ìyẹn ni ohun tí èrè jẹ́ nínú owó ọjà: 12% fún ẹ̀rọ, 10% fún àtijọ́. Bí ìdíje bá pọ̀ nínú iṣẹ́ kan débi pé orí iye owó ni wọ́n ti ń jà, ẹni tí ìnáwó rẹ̀ lórí ẹyọ kan kéré lè wà láàyè lẹ́yìn tí ẹni tí ìwé rẹ̀ dára jù ti kógbá wọlé. Nítorí náà, kí a tó gbọ́kàn lé 40%, a ní láti mọ irú ìjábọ́ tí à ń bẹ̀rù.

## Ìnáwó wo ló ń bá ọjà rìn ní tòótọ́?

Ibi tí mo ti máa ń rí i tí ìṣirò yìí ń bàjẹ́ kò sí nínú ìsọdipúpọ̀ tàbí ìpín. Inú ìwé ìnáwó ló wà, níbi tí ẹnì kan ti kọ “ẹyọ” síwájú ohun tí kò ní í dín kù bí ẹyọ bá dín kù. Owó oṣù àwọn tó ń di ẹrù ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀. Wọ́n á fi iye páálí pín in, wọ́n á ní ó jẹ́ 15 lórí ẹyọ kan, wọ́n á sì tò ó mọ́ owó ìwé àti gọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá dín ní oṣù kan, ta ni yóò lé àwọn adìrù lọ, tí yóò tún pè wọ́n padà lóṣù tó ń bọ̀?

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ ni kí a mú oṣù tí ọjà pọ̀ jù àti oṣù tó kéré jù, kí a wo bí ìnáwó ṣe yàtọ̀. Ká ní ìwé ọ̀nà àtijọ́ sọ pé ẹyọ kan ń gba 75, àdúró sì jẹ́ 150,000. Oṣù tí wọ́n ta 10,000, gbogbo ìnáwó jẹ́ 900,000, ó bá ìwé mu. Oṣù tí wọ́n ta 8,000, ó yẹ kó jẹ́ 750,000. Bó bá wá jẹ́ pé 780,000 ló jáde ní ti gidi, a jẹ́ pé páálí 2,000 kò mú ju 120,000 lọ kúrò nínú ìnáwó, ìyẹn 60 lórí ẹyọ kan. 15 tó kù kò bá ọjà rìn rárá. Ìnáwó àdúró gan-an jẹ́ 300,000.

Ẹ tún un ṣírò: 40 ló ń kù lórí páálí kan, ojú ọgbọọgba jẹ́ 7,500, àyè ààbò jẹ́ 25%. 40% tó wà nínú ìwé kò sí níbì kankan. Èrè 100,000 ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó fura.

Oṣù méjì péré kò tó gbé ìdájọ́ lé bí iye owó ìwé bá ti yí padà láàárín wọn, tàbí bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ lọ́kan nínú wọn. Ẹ yan oṣù tí kò sí àjèjì ohun nínú rẹ̀. Mo rọ ẹ̀gbọ́n mi láti ṣe é fún ìwé tiwọn náà, wọ́n sì ṣe é. Ìwé wọn dúró, 75 náà jẹ́ 75.

## Ohun tí wọ́n ń bá ẹni tó ni ẹ̀rọ sọ báyìí

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ẹ̀rọ sílẹ̀, n kò sì sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n padà lọ bá ẹni tó ń tà á, wọ́n bèèrè bóyá wọ́n lè máa yá a lò, kí apá kan owó rẹ̀ máa bá ọjà rìn. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi owó lé e, bí ó ṣe yẹ kí ẹni tó bá ni pín ewu ṣe. Ìnáwó àdúró yóò jẹ́ 252,000 lóṣù, wọn yóò sì máa san 24 fún un lórí páálí kọ̀ọ̀kan, èyí tí yóò mú ìnáwó ẹyọ kan di 64.

Lórí 10,000, èrè jẹ́ 108,000. Ó dín ní 12,000 sí ti ríra. Ojú ọgbọọgba jẹ́ 7,000, àyè ààbò jẹ́ 30%, ìlọ́po sì jẹ́ nǹkan bíi 3.3. Bí ọjà bá já sí 8,000, níbi tí ríra kò ti ní mú nǹkan kan wálé, yíyá yóò ṣì mú 36,000 wá. Wọ́n ń fi 12,000 lóṣù tó dára ra ààbò fún oṣù tí kò dára, ó sì dára kí wọ́n mọ iye tí wọ́n ń san fún un.

Nígbà tí ìwé àdéhùn dé, gbólóhùn kan wà lójú ewé tó kẹ́yìn pé wọn yóò san owó páálí 9,000 ó kéré tán lóṣooṣù, ì báà jẹ́ pé wọn kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yẹn sọ 216,000 padà di ìnáwó àdúró nígbà tí ọjà bá ti lọ sísàlẹ̀ 9,000. 36,000 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yóò di 12,000, nítorí wọn yóò san 24 lórí páálí 1,000 tí wọn kò ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé iye náà wá sí 6,000. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ní 8,000 ni òun lè gbà. Bí ó bá dúró lórí 8,000, 36,000 náà á wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ní 7,000, tó yẹ kó jẹ́ ojú ọgbọọgba, wọn yóò jẹ gbèsè 24,000. Orí ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wọn wà báyìí.